Ìbéèrè owó fún sáfà ẹ̀dà tó dá dúró àti irinṣẹ́ ìṣọ́ dátábéèsì

Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà,
Dùgbẹ̀, Ìbàdàn.
11 Oṣù Kẹta, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé, 3 oṣù yìí, ni mo ń bá bọ̀, àti owó tí mo fẹ́ tọrọ nítorí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, dátábéèsì wa kú ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sì jí títí aago mọ́kànlá ààbọ̀ fi lù. Ìwé làwọn kaṣíà ń fi bírò kọ owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí. Ìyá kan tó ń taṣọ ní Gbági dúró ti kántà ju wákàtí méjì lọ kó tó rí owó ọjà rẹ̀ gbà. Ó dùn mí gan-an.

Ohun tó fà á ni pé ẹ̀dà dátábéèsì ti dákẹ́ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí a ṣe ṣètò PostgreSQL, kì í da fáìlì WAL, tó ń kọ gbogbo àyípadà inú dátábéèsì sílẹ̀, nù títí ẹ̀dà yóò fi gbà á. Fáìlì ń gorí fáìlì, dísìkì kún, dátábéèsì bá dúró. Nígbà tí mo tẹ èyí:

```
SELECT slot_name, active
FROM pg_replication_slots;
```

`f` ni mo rí lábẹ́ `active`: ẹ̀dà kò sí lórí ìlà. Odindi ọjọ́ méjì ni `f` yẹn fi wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó.

Mo ti fi `max_slot_wal_keep_size` sí `40GB` kí dísìkì má baà kún báyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dà bá fà sẹ́yìn kọjá ìwọ̀n yẹn, àtibẹ̀rẹ̀ la ó ti tún un ṣe. Ká tètè mọ̀ ló ṣe pàtàkì jù.

Èyí tí kì í jẹ́ kí n sùn ni pé inú ẹ̀rọ kan náà ni dátábéèsì àti ẹ̀dà rẹ̀ wà, wáyà iná kan náà ló ń gbé àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀rọ yẹn bá jó lónìí, méjèèjì ló lọ.

Nítorí náà, mo ń tọrọ ₦2,850,000 fún sáfà kan tó ní ràmù 64GB àti dísìkì 2TB méjì, tí a ó gbé sí ẹ̀ka wa ní Abẹ́òkúta. Ọ̀fẹ́ ni Prometheus àti Grafana tí a ó fi máa ṣọ́ wọn; kọ̀ǹpútà kékeré tí wọn yóò máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò máa jí wa ni yóò gba ₦35,000 lóṣù. Bí owó kò bá ká méjèèjì lóṣù yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ti ìṣọ́.

Ẹ̀dà kò lè rọ́pò ìpamọ́ tí à ń ṣe lálaalẹ́ o, sà. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì pa rẹ́ nínú dátábéèsì gan-an, kíá ni yóò pa rẹ́ nínú ẹ̀dà náà. A ò ní dá ìpamọ́ alaalẹ́ yẹn dúró.

Iye tí ọlọ́jà dá lé sáfà náà yóò wà bẹ́ẹ̀ títí di 21 oṣù yìí. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ Àìkú kan tó fún mi láti so ó pọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Alábòójútó Dátábéèsì