3.6 Láti inú àkọsílẹ̀ dé inú tábìlì

Obìnrin méjìlá tó ń ta ata àti ewébẹ̀ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ni mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò nídìí àtẹ wọn, lórí ìdí tí wọ́n fi ń dá àjọ. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀, títí kan ẹ̀rín àti ìdákẹ́. Ẹni tó bá fi ẹnu Àkúrẹ́ dáhùn, bó ṣe sọ ọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ kí n tó sọ ọ́ di Yorùbá àjùmọ̀lò. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà tí Braun àti Clarke (2006) là sílẹ̀ fún wíwá kókó inú ọ̀rọ̀ ni mo tẹ̀lé.

Ọ̀rọ̀ Ọ4, ìyẹn obìnrin kẹrin nínú wọn, ló yí iṣẹ́ náà padà. Mo ti fún un ní kóòdù, ìyẹn orúkọ kúkúrú tó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé: “ìfọkàntán”. Nígbà tí mo tún un kà, kò síbi tó ti sọ pé òun fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ìrìn ló ń sọ, àti ata tí kò lẹ́ni tó máa ṣọ́ ọ. Mo padà sí ibi mẹ́sàn-án tí mo ti lẹ “ìfọkàntán” mọ́: márùn-ún nínú wọn, ọ̀rọ̀ ìrìn ni. Bí mo ṣe ń tún kóòdù yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ ni 41 di 14, tí 14 sì bí kókó mẹ́ta.

| Kókó | Díẹ̀ lára kóòdù | Ohun tí wọ́n sọ |
|---|---|---|
| Ẹni tó ń wá bá owó níbi tó wà | ẹsẹ̀ alájọ, àtẹ tí kò ṣeé fi sílẹ̀, owó kékeré | “Alájọ ló ń wá bá mi. Báńkì, èmi ni màá lọ bá a. Ta ló máa ṣọ́ ata mi?” (Ọ4)
“Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni mò ń dá lójúmọ́. Ṣé torí ìyẹn ni màá ṣe lọ tò sórí ìlà?” (Ọ9) |
| Owó tí ọwọ́ mi ò tó | ìkóra-ẹni-níjàánu, ẹ̀bẹ̀ ará ilé | “Tó bá wà nílé, mo ti ná an. Tó bá wà lọ́wọ́ alájọ, tí ọmọ bá béèrè, màá ní kò sówó. Irọ́ kọ́ ni mo pa.” (Ọ2, ó rẹ́rìn-ín) |
| Àdánù tí kò lé wọn lọ | alájọ tó sá, ọ̀wọ́n owó 2023 | “Ó kó owó wa lọ. [Ìdákẹ́] Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni mo wà báyìí.” (Ọ7)
“Nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ owó, báńkì ò dá mi lóhùn. Alájọ náà ò rówó san, àmọ́ ó wá, ó jókòó, ó ṣàlàyé.” (Ọ11) |

Ọ11 lẹ́nu dídùn. Òun nìkan ì bá gba ìdajì tábìlì. Nítorí náà, mi ò fa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni yọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ níbẹ̀. Ọ6 ti fi àjọ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ oní-píọ́ọ̀sì ló ń kówó sí. Ó kọ́kọ́ dà bí ẹni tó tako kókó kìíní, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ àtẹ rẹ̀ gan-an ni píọ́ọ̀sì ọ̀hún wà.

Akẹgbẹ́ mi kan fún àkọsílẹ̀ mẹ́ta ní kóòdù tirẹ̀ láìwo tèmi. Orí Ọ7 la ti yapa: ó kọ “ìrètí”, èmi kọ “kò ríbi yà sí”. A tún ohùn náà gbọ́ papọ̀, a ò sì fẹnu kò. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ìdákẹ́ rẹ̀ sínú tábìlì bó ṣe wà, tí mo sì lo “alájọ tó sá” tí àwa méjèèjì gbà.