Àyẹ̀wò fúláàtì Màmá ní Ọbáńtokò kí ẹrù tó wọlé, Sátidé 16 Ọ́gọ́ọ̀sì 2025

Àbúrò mi, ohun tí wàá máa wò nìyí, ṣí i sórí fóònù ẹ kí o máa kà á bí o ṣe ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíì. Fúláàtì yàrá méjì ni, ìsàlẹ̀, apá ẹ̀yìn, rẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ ní 1 Sẹ̀tẹ́ńbà. Káṣọ̀n fíì wa, ₦100,000, ti wà lọ́wọ́ láńlọ́ọ̀dù, owó yẹn gan-an la tìtorí ẹ̀ ń ṣe gbogbo èyí, torí lọ́jọ́ tí Màmá bá fẹ́ kó jáde, gbogbo nǹkan tó bá ti bàjẹ́ níbẹ̀ Màmá ni wọ́n máa ní ó bà á jẹ́.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni kí o débẹ̀, kí oòrùn ti wọ yàrá. Ilé gbọ́dọ̀ ṣófo. Tí ẹrù ẹnikẹ́ni bá ṣì wà níbẹ̀, má ya fọ́tò, ẹ dá ọjọ́ míì. Má mú Màmá dání o, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi Bàbá kíátékà pé ọmọ ilé ta ni wọ́n ní Ìjẹmọ̀, ilẹ̀ á ṣú.

Ohun tí wàá mú lọ: fóònù tó kún fún iná àti pawa báǹkì, ṣájà fóònù (òun lo máa fi dán sọ́kẹ́ẹ̀tì wò), gílóòbù kan tó ń tàn, tọ́ọ̀ṣì, rúlà, báírò, bébà funfun méjì mẹ́ta, búlùtáàkì, okùn gígùn kan, tíṣù.

FỌ́TÒ KỌ́KỌ́ NÁ

- Wọ Settings, Date & time, rí i pé fóònù fúnra ẹ̀ ló ń mú ọjọ́ àti aago. Tí ọjọ́ orí fóònù bá ti ṣì, gbogbo fọ́tò yẹn á purọ́ mọ́ ẹ.
- Kámẹ́rà fóònù gan-an ni kí o lò, má lo ti Wáásáàpù, má sì lo èyí tó ń tún ojú ṣe. Kámẹ́rà máa ń kọ ọjọ́ àti aago sínú fáìlì, lórí ọ̀pọ̀ fóònù wàá rí i lára orúkọ ẹ̀ pàápàá, bíi `IMG_20250816_101530.jpg`.
- Fọ́tò àkọ́kọ́: ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, kí o fi báírò kọ ọjọ́, aago, àti "fúláàtì ìsàlẹ̀, ẹ̀yìn" sórí bébà funfun, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Bí o bá ti ń wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, kọ orúkọ yàrá sórí bébà kí o tún yà á. Ẹni tó bá wo fọ́tò ògiri lásán lọ́dún méjì sí i ò ní mọ̀ pé ògiri ibo ni.
- Yàrá kọ̀ọ̀kan, dúró sí igun mẹ́rin ẹ̀, ya gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohunkóhun tó bá ní àlébù, ya á láti ọ̀ọ́kán kí a rí ibi tó wà, kí o wá sún mọ́ ọn, kí o gbé rúlà tì í kí a mọ bó ṣe tóbi tó.
- Má gé e, má fi nǹkan róbótó yí àlébù ká lórí èyí tí o yà gan-an. Tí o bá fẹ́ fa ìlà sí i, ṣe ẹ̀dà ẹ̀ kọ́kọ́.
- Fídíò kan náà, rọra rìn, máa dárúkọ yàrá àti ọjọ́ bí o ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n fídíò ò rọ́pò fọ́tò, ògiri tó lanu díẹ̀ kì í hàn dáadáa nínú ẹ̀.

ÌTA ILÉ

Ẹ̀yìn ilé yẹn ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, torí nínú fídíò tí ágẹ́ńtì fi ránṣẹ́ mo rí àpáta ńlá kan tó sún mọ́ ògiri bẹ́ẹ̀ yẹn. Abẹ́òkúta la wà, àpáta ò ṣe nǹkan kan fún wa, ṣùgbọ́n òjò tó bá bọ́ sórí ẹ̀ ò lè wọnú ẹ̀, ṣe ló máa ń ṣàn kúrò lára ẹ̀, tí kò bá sì sí gọ́tà láàárín òun àti ilé, ìdí ògiri yàrá Màmá lomi yẹn ń lọ. Wá ìlà pípọ́n tí ẹrẹ̀ fà sára ògiri níta, fi rúlà wọn bó ṣe ga tó láti ilẹ̀, ya á. Ya gọ́tà náà, bó bá kún fún ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ náà ni kí o yà á. Bi aládùúgbò kan, má bi kíátékà, pé tí òjò ńlá bá rọ̀ ṣé omi máa ń wọlé. Ìlú tó fojú rí àgbàrá 2018 ni tiwa yìí, ẹni tó ń gbé àdúgbò á dá ẹ lóhùn tààrà.

- Páànù: lọ dúró lọ́nà jíjìn kí o wò ó, èwo ló ti dípẹtà, èwo lafẹ́fẹ́ ti ṣí.
- Sókàwéè: ya ìdérí ẹ̀. Tó bá sán, tàbí ilẹ̀ àyíká ẹ̀ tutù tó ń rùn, kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ olókùúta kì í tètè fa omi mu, torí náà bèèrè ìgbà tí wọ́n kó o kẹ́yìn àti ta ló sanwó.
- Kànga: so nǹkan tó wúwo mọ́ ẹnu okùn, sọ ọ́ sí i títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, fà á sókè, wọn ibi tó tutù. Omi tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí omi òjò ni, èyí tó kàn wá ni ti Fẹ́búárì. Àwọn tó gbẹ́ kànga níbẹ̀ máa ń bá àpáta pàdé kí wọ́n tó jìn, bi àwọn obìnrin tó ń fa omi níbẹ̀ pé níbo ni wọ́n ń pọn ọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
- Mítà: nọ́ńbà ẹ̀, iye tó wà lójú ẹ̀, sílì ẹ̀ bóyá wọ́n ti já a. Bèèrè bóyá gbèsè IBEDC wà lórí ẹ̀, kí o sì gba rìsíìtì iná tí wọ́n rà kẹ́yìn, ya á náà. Rí i dájú pé mítà yẹn fúláàtì wa nìkan ló ń gbé, sọ fún wọn kí wọ́n pa á, kí o wo iná ta ló kú.

PÁLỌ̀ ÀTI YÀRÁ MÉJÈÈJÌ

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ni, má jẹ́ kí ọ̀dà tuntun tàn ẹ́ jẹ. Fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí ògiri láti ilẹ̀ títí dé orúnkún ẹ, pàápàá ògiri tó kọjú sí àpáta yẹn. Tó bá tutù mọ́ ẹ lọ́wọ́, tàbí ọ̀dà ń wú tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hù lábẹ́ ẹ̀, omi ń bẹ nínú ògiri nìyẹn, ọ̀dà mẹ́wàá ò lè bò ó. Ta tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, má ta á sí iwájú ẹ̀, wàá rí gbogbo ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí.

- Sílìn: àbààwọ́n omi méjì wà ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo rí i nínú fídíò. Bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé òkè bóyá ilé ìwẹ̀ ẹ̀ ló wà níbẹ̀, torí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òjò ló fà á.
- Ilẹ̀kùn: ṣí i, tì í, fi kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan dán an wò. Lu férémù ẹ̀ nísàlẹ̀, tó bá ń dún bí agbè òfìfo, ikán ti jẹ inú ẹ̀.
- Fèrèsé: fà á lọ fà á bọ̀, nẹ́ẹ̀tì tó ya, gíláàsì tó sán, irin tó ti bọ́ lára ògiri.
- Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti súwíìṣì: ki ṣájà bọ gbogbo wọn. Tí ò bá sí iná, ní kí wọ́n tan jẹnẹ́rétọ̀, tí wọn ò bá tàn án, kọ sínú bébà pé "a ò rí iná dán an wò lónìí". Èyí tó dúdú lẹ́nu, iná ti jó o rí, ya á tòsí.
- Táìsì: kàn án pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, èyí tó bá ń dún gbàjù-gbàjù ti gbéra sókè. Èyí tó sán ní pálọ̀ mẹ́ta ni mo kà.

KÍṢÍÌNÌ ÀTI ILÉ ÌWẸ̀

Kíṣíìnì yẹn dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, ó jọ pé ẹni tó kó jáde ń yan ẹja níbẹ̀. Ya sílìn ẹ̀ àti òkè fèrèsé dáadáa, kí wọ́n má bàa dárúkọ sítóòfù Màmá lọ́la. Ṣí abẹ́ síǹkì, tẹ ọwọ́ mọ́ páìpù, jẹ́ kí omi ṣàn díẹ̀ kí o tún tẹ̀ ẹ́.

Ní ilé ìwẹ̀, tú korobá omi kan sílẹ̀ kí o wo ibi tó ń lọ. Tó bá dúró sójú kan, ẹsẹ̀ Màmá ló máa gbà á. Ju tíṣù sínú tọ́yílẹ́ẹ̀tì, fíláàṣì ẹ̀ẹ̀mejì. Fọwọ́ mi tọ́yílẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀, kò gbọdọ̀ mì. Fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń sán tí ẹnìkan ò ní rí. Obìnrin kan tí mo mọ̀ ní Adátán, wọ́n yọ owó tọ́yílẹ́ẹ̀tì odindi nínú káṣọ̀n fíì ẹ̀ torí irú sísán yẹn, fọ́tò ọgbọ̀n ló yà, kò sí ẹyọ kan tó ya ẹ̀yìn tọ́yílẹ́ẹ̀tì.

BÉBÀ TÍ ÌWỌ ÀTI KÍÁTÉKÀ MÁA BUWỌ́ LÙ

Da èyí kọ lẹ́ẹ̀mejì, ohun tí mo rí nínú fídíò ló wà níbẹ̀, èyí tí o bá rí lọ́hùn-ún fi kún un kí ẹ tó buwọ́ lù ú:

"Lónìí, Sátidé 16 Ọ́gọ́ọ̀sì 2025, àwa méjèèjì jọ yẹ fúláàtì ìsàlẹ̀ apá ẹ̀yìn wò, ilé ṣófo, tẹ́náǹtì ò tíì kó ẹrù wọlé. Ohun tí a bá níbẹ̀: àbààwọ́n omi méjì ní sílìn pálọ̀, táìsì mẹ́ta tó sán ní pálọ̀, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yàrá ẹ̀yìn ya, èéfín wà lára sílìn àti ògiri kíṣíìnì, súwíìṣì ilé ìwẹ̀ ti bọ́. Láńlọ́ọ̀dù máa tún súwíìṣì àti nẹ́ẹ̀tì ṣe kó tó di Sátidé 30 Ọ́gọ́ọ̀sì. Àwọn yòókù, bí tẹ́náǹtì ṣe bá wọn nìyẹn. Fọ́tò tí a yà lónìí wà lọ́wọ́ àwa méjèèjì."

Bàbá kíátékà lè ní "ṣé ẹ ò fọkàn tán wa ni?" Má bá wọn jà. Sọ pé, "Rárá o Bàbá, ẹ̀yin náà la ṣe é fún, kí ẹnikẹ́ni má bàa di ẹ̀bi rù yín." Tí wọ́n bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, má pariwo, ya bébà náà, kí o sì fi ránṣẹ́ sí wọn àti sí láńlọ́ọ̀dù lórí Wáásáàpù lójú ẹsẹ̀ pé "ẹ kú iṣẹ́ o sà, ohun tí a bá nínú ilé lónìí nìyí". Ọjọ́ àti aago ti wà lára mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn, bí wọn ò tilẹ̀ fèsì.

KÍ O TÓ KÚRÒ NÍBẸ̀

Fi gbogbo fọ́tò ránṣẹ́ sí èmi àti kíátékà, yan Document, má yan Photos, torí Wáásáàpù máa ń fún fọ́tò pọ̀ tí ọjọ́ inú fáìlì á sì sọnù. Gbé wọn sórí ímeèlì ẹ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, fóònù lè bọ́ sínú kànga. Má pa èyí tó ṣókùnkùn rẹ́, kàn tún un yà.

Ka kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fún ẹ, tò wọ́n sórí bébà kí o yà wọ́n. Bèèrè ẹni tó tún ní ẹ̀dà. Ní 30 Ọ́gọ́ọ̀sì wàá padà lọ wo súwíìṣì àti nẹ́ẹ̀tì, ibi kan náà ni kí o dúró sí tí o bá fẹ́ yà wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí káfíńtà wá pààrọ̀ lọ́ọ̀kì àbáwọlé, èyí àtijọ́ kó o pamọ́ sínú láílọ́ọ̀nù, ti láńlọ́ọ̀dù ni.