Ìròyìn Ìjàǹbá: Òṣìṣẹ́ Tó Jábọ́ Láti Orí Sikáfóòdù

Sí: Ọ̀gá Ààbò
Láti ọwọ́: Ẹnjiníà Ibi Iṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ tí mo bá yín sọ lórí fóònù lánàá rèé, lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

Ní aago 10:40 àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀kan nínú àwọn tó ń rẹ́ ògiri jábọ́ láti ipele kejì sikáfóòdù apá ìlà-oòrùn. Mítà 3.8 ni ibẹ̀ sí ilẹ̀. Orí òkìtì yanrìn ló bọ́ sí, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì balẹ̀. Ó ń dá wa lóhùn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ gbé e dìde, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án nítorí ọrùn àti ẹ̀yìn. Ọkọ̀ ìlera gbé e ní 11:05. Dókítà ní ọrùn-ọwọ́ òsì ló kán, ẹ̀yìn ò ní nǹkan kan, àmọ́ ó ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú.

Mo gun òkè lọ wò ó fúnra mi. Páìpù ìdábùú tó yẹ kó gbé orí pákó ìkẹyìn kò sí níbẹ̀. Kílámpù rẹ̀ ṣì ń fì lára òpó, bóòtì rẹ̀ ti tú, ojú ibi tí sípánà ti họ ọ́ ń dán. Orí pákó náà wá yọ síta ní sẹ̀ǹtímítà 62. Pákó tó nípọn mílímítà 38 kò yẹ kó yọ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Bó ṣe tẹ orí ibẹ̀ báyìí, ìdí kejì gbéra, pákó dà á nù.

Àwọn tó ń gbé férémù fèrèsé wọlé ló tú páìpù náà ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, pẹ̀lú irin ìdènà ẹ̀gbẹ́, torí férémù ò gba ibẹ̀ kọjá. Wọn ò dá a padà, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Káàdì àwọ̀ ewé tí mo fọwọ́ sí ní aago méje ṣì wà lẹ́nu àkàbà. Ẹni tó jábọ́ kà á kó tó gùn. Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀: mo mọ̀ pé férémù ń bọ̀, n kò sì padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Fóómànù ti kọ "àìfarabalẹ̀" sínú ìwé tirẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Òótọ́ ni pé kò so ó, àmọ́ okùn mítà 2 ni, ó tún máa ń nà sí i bó bá gbé èèyàn dúró, ara ẹni náà sì tún gùn sísàlẹ̀ ibi tí okùn ti so mọ́ ọn. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ló so ó mọ́, kó tó nà tán, ilẹ̀ á ti gbà á.

Mo ti fi káàdì pupa sí gbogbo apá náà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kó má sí ẹni tí yóò tú páìpù kankan láìjẹ́ pé àwọn tó to sikáfóòdù wà níbẹ̀, kí káàdì sì di pupa kí sípánà tó kan bóòtì.

Pákó àti kílámpù náà wà ní yàrá irinṣẹ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọ̀ wọ́n. Ẹ wá wò wọ́n kí ẹ tó parí ìwé yín.