Ọdún márùn-ún sí ìfẹ̀yìntì: ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò láti 2026 títí di 14 oṣù Kẹjọ 2031

Ká ní òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn ni yín. Wọ́n bí yín ní 14 oṣù Kẹjọ 1971, ẹ sì wọṣẹ́ ní 2 oṣù Kẹta 1998. Ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ kò ní í pé títí di 2033, àmọ́ ẹ ó ti pé ẹni 60 ọdún ṣáájú ìgbà náà. Èyí tó bá kọ́kọ́ pé ni òfin ń tẹ̀lé.

2026: orúkọ àti ọjọ́ ìbí

☐ Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ pé ẹ fẹ́ wo fáìlì yín. Ẹ wá ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé ìfẹsẹ̀múlẹ̀ àti gbogbo ìwé ìgbéga. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà nílé.

☐ Ẹ tẹ́ ìwé mẹ́rin sórí tábìlì kan: ìwé ọjọ́ ìbí tàbí ìbúra ọjọ́ orí, NIN, BVN, àti ìwé tí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín fi ránṣẹ́, èyí tí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN wà lórí rẹ̀. Ẹ kà wọ́n ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni orúkọ ọkọ tí obìnrin mú lẹ́yìn ìgbéyàwó, tó wà nínú NIN ṣùgbọ́n tí kò sí nínú fáìlì. Ọjọ́ ìbí tí ẹ kọ nígbà tí ẹ wọṣẹ́ ni ìjọba mọ̀. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti yí i. Àwọn ìwé yòókù ni kí ẹ tún ṣe kó bá a mu, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ báyìí, torí àtúnṣe NIN lè gba oṣù púpọ̀.

☐ Ẹ wá ìwé tó fi ìpele àti ìgbésẹ̀ yín hàn ní oṣù Kẹfà 2004. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò owó ọdún mẹ́fà tí ẹ ti ṣiṣẹ́ kí ètò ìdásí owó tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé yìí bá sọnù, owó náà lè dín tàbí kó pẹ́.

2027: owó tó ń wọlé sí àkáǹtì yín

Nínú owó oṣù yín, ₦8 nínú ₦100 ni ẹ̀yin ń dá, ₦10 sì ni agbanisíṣẹ́ ń dá. Bí owó tí wọ́n fi ń ṣírò bá jẹ́ ₦230,000, tiyín jẹ́ ₦18,400, tiwọn ₦23,000, àpapọ̀ ₦41,400. ☐ Ẹ fi ìwé owó oṣù ti oṣù 12 wé ìwé àkáǹtì ìfẹ̀yìntì, oṣù sí oṣù. Ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n san owó oṣù ni òfin fún agbanisíṣẹ́ láti fi í ránṣẹ́. Oṣù tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ẹ mú un lọ síbi iṣẹ́ àti sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì lọ́jọ́ kan náà. Ẹ gba ìbọwọ́lù sí ẹ̀dà yín.

☐ Ẹ tún orúkọ ajogún yín kọ. Ọ̀pọ̀ ṣì fi bàbá tó ti dolóògbé sílẹ̀ níbẹ̀.

2028 sí 2030: ìṣúná

Ẹ kọ ìnáwó oṣù kan sílẹ̀ tọkàntọkàn, tó fi mọ́ owó òògùn àti owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sílé. Ká ní ₦190,000 ni. Owó ilé ìwé ₦35,000, gbèsè alájẹṣẹ́kù ₦38,000 àti owó ọkọ̀ sí ibi iṣẹ́ ₦22,000 máa kúrò nígbà tí ẹ bá fẹ̀yìntì. Ó ku ₦95,000. Bí pẹ́ńṣọ̀n bá jẹ́ ₦70,000, àlàfo ₦25,000 ló wà lóṣooṣù.

☐ Gbèsè alájẹṣẹ́kù gbọ́dọ̀ tán ní oṣù Kejìlá 2028. Ẹ má yá òmíràn lórí rẹ̀. Láti oṣù Kínní 2029, ₦38,000 yẹn ni kí ẹ pín sí méjì: ₦19,000 sínú àpamọ́, ₦19,000 sí àfikún ìdásí. Ní oṣù Kẹfà 2031, oṣù 30, àpamọ́ yín máa di ₦570,000, ìyẹn oúnjẹ àti òògùn oṣù mẹ́fà. Owó oṣù máa ń dúró lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ̀yìntì, àmọ́ owó ìfẹ̀yìntì kì í sábà wọlé lọ́jọ́ kejì. Ẹ tún owó ọjà ṣírò lọ́dọọdún, torí ₦95,000 ti 2028 kò ní ra ohun kan náà ní 2031.

2030 sí 2031: ìwé ìkẹyìn

☐ Ẹ bi òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n níbi iṣẹ́ yín nípa ìforúkọsílẹ̀ tí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, ń ṣe fún àwọn tó máa fẹ̀yìntì ní 2031. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ máa ń dúró ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

☐ Ẹ yan bí ẹ ṣe máa gba owó. Bí ilé iṣẹ́ ìfẹ̀yìntì bá ń fún yín láti inú àkáǹtì yín, ohun tó bá ṣẹ́ kù jẹ́ ti ajogún. Bí ẹ bá fi owó náà ra ètò owó oṣooṣù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò, ẹ ó máa gbà á títí ayé; bí ikú bá ṣẹlẹ̀ kí ọdún 10 tó pé, ajogún ló máa gba ìyókù ọdún 10 náà. Ẹni tí àìsàn ń bá fínra kò gbọ́dọ̀ kánjú yan ti adójútòfò. Ìdá tí wọ́n máa gbé fún yín lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọ́dọ̀ pọ̀ débi tí pẹ́ńṣọ̀n oṣù á fi kéré ju ìdajì owó oṣù ìkẹyìn.

☐ Ó pẹ́ tán ní 14 oṣù Karùn-ún 2031, kí ìwé ìfitónilétí oṣù mẹ́ta ti dé ọ́fíìsì. Oṣù àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́, méjì tó kù jẹ́ ti ìwé. Ẹ béèrè fún owó ilé gbígbé tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín, ₦2.50 nínú ₦100. Wọ́n ní láti dá a padà.

☐ Ẹ dá ohun ìní ìjọba padà, kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Káàdì ìdánimọ̀ ni ẹ ó fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn.