Kókó: Ẹ̀bẹ̀ fún àlàyé lórí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìkẹyìn, ipò olóòtú ètò Yorùbá

Òkè-Fìà, Òṣogbo
Ọjọ́ 14, oṣù karùn-ún, ọdún 2025

Sí Alákòóso Ètò

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àmójútó.

Mo rí ímeèlì tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá pé ipò olóòtú ètò Yorùbá ní ilé-iṣẹ́ rédíò yín ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mo dúpẹ́ pé ẹ tètè jẹ́ kí n mọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kì í fèsì rárá, èèyàn á kàn máa yẹ fóònù wò títí á fi sú u. Ẹ bá mi kí ẹni tí ẹ mú kú oríire. Àwa mẹ́ta la jọ jókòó sí yàrá àlejò lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, a sì jọ tàkúrọ̀sọ dáadáa. Èyí tó wù kó jẹ́ nínú àwọn méjèèjì, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó tó o ṣe.

Mi ò kọ̀wé yìí láti bẹ̀ yín pé kí ẹ tún ìpinnu yín rò, mi ò sì fẹ́ mọ iye máàkì tí ẹnikẹ́ni gbà. Ohun tí mò ń wá ni kí ẹ sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ tèmi. Ímeèlì yín ní mo ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá jù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò sí ohun tí mo lè fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, ọ̀gá mi, torí kò sọ ohun tí ẹ ń wá, kò sì sọ bí mo ṣe jìnnà sí i tó. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin gan-an lẹ darí ìjókòó náà, ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba àwọn ibi tó ń jẹ mí lọ́kàn, kó má baà di pé ẹ̀yin lẹ ó máa ronú ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ìpè orí afẹ́fẹ́. Ẹ ó rántí pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ṣe bí olùgbọ́ tó pè láti Ìta Olóòkan. Ó kí mi, ó kí gbogbo ilé, ó ṣàròyé ọ̀nà àdúgbò wọn tó bàjẹ́, àfi bó ṣe dárúkọ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan, ó ní onítọ̀hún ló kó owó ọ̀nà náà jẹ. Kó tó parí gbólóhùn kejì ni mo ti gé ìpè náà, mo ní nẹ́tíwọ̀kì ti já, mo sì bọ́ sórí olùgbọ́ mìíràn. Èrò mi ni pé bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn olè kan èèyàn lórí rédíò láìsí ẹ̀rí, ẹni tó pè nìkan kọ́ ni wọ́n lè gbé lọ sí kóòtù, wọ́n lè gbé ilé-iṣẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ náà sáfẹ́fẹ́ lọ pẹ̀lú, àjọ tó ń mójútó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ náà sì lè fìyà jẹ ẹ́. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo ṣì gbà pé gígé ló tọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá yẹn bi mí pé, “Tó bá wá jẹ́ bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ńkọ́?” Mo ní màá gé àwọn náà. Ni gbogbo yín bá bojú wo ara yín, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ṣé bí mo ṣe yára gé e ni? Ṣé ó yẹ kí n kọ́kọ́ dá wọn lẹ́kun, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ bá wa sọ ti ọ̀nà yẹn,” kí n tó mọ ohun tí màá ṣe? Àbí ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ̀kì yẹn ni kò tẹ́ yín lọ́rùn, pé ńṣe ló yẹ kí n sọ ojúlówó ìdí rẹ̀ fún àwọn tó ń gbọ́ wa? Bí ẹ ò bá lè dáhùn ju ìbéèrè kan lọ, ẹ bá mi dáhùn èyí.

Ti ohùn náà wà ńbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé, alága ìjókòó ni mí, káàkiri Òṣogbo títí dé Ẹdẹ àti Ìkìrun, ó sì wà nínú ìwé tí mo fi wáṣẹ́. Bí mo ṣe ka ìròyìn tán, ọ̀kan nínú yín rẹ́rìn-ín, ó ní, “Alága ti wọlé o, ẹ bá wa pe ìyàwó!” Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo délé ni mo wá ń rò ó, bóyá ó yìn mí ni àbí ó kìlọ̀ fún mi. Bó bá jẹ́ pé mò ń fa ìparí gbólóhùn, tàbí pé mò ń gbé ohùn sókè níbi tí ìròyìn ti ń fẹ́ ohùn tó dúró sójú kan, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tí ẹbí ọkọ ti bínú sí níwájú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn kì í tètè sunkún.

Nínú ìròyìn kan náà, wọ́n ní wọ́n pín 1,800 àpò ajílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. “Ẹgbẹ̀sán àpò” ni mo kà á sí, mo sì rí i pé ẹnì kan gbójú sókè. Lójú tèmi, rédíò gbọ́dọ̀ bá wa tọ́jú òǹkà Yorùbá, torí àwa olùkọ́ nìkan ò lè dá a ṣe. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìlànà yín pé kí a kà á lọ́nà tí awakọ̀ tó ń gba Olá-Ìyá kọjá á fi gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, màá fẹ́ mọ̀.

Lórí onígbọ̀wọ́ ètò, àwọn aládìrẹ àti àwọn onílé ìtura tó ń gba àlejò nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù kẹjọ ni mo dárúkọ. Ó jọ pé iye owó ni ẹni tó béèrè ń retí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ti ìtumọ̀ ìròyìn, ẹ ti sọ fún mi lójú ẹsẹ̀ pé ó dáa, ẹ ṣeun.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn yín. Ìlà méjì ti tó, tàbí kí ẹ sọ̀rọ̀ sórí Wáàsáàpù, tàbí kí ẹ jẹ́ kí n pè yín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán ni mo máa ń jáde ní kíláàsì, ọjọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ló rọ̀ mí lọ́rùn, àyàfi Sátidé. Bí òfin ilé-iṣẹ́ ò bá gbà yín láyè láti sọ irú nǹkan báyìí, ẹ kàn sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, kò ní bí mi nínú.

Ohun kan tó kù: ẹ ká ohùn mi sílẹ̀ ní sítúdíò lọ́jọ́ náà. Bí ẹ ò bá tíì pa á rẹ́, ṣé mo lè gbọ́ ọ, ì báà jẹ́ pé èmi ni màá wá síbẹ̀? Mo lè wá lọ́sàn-án ọjọ́ kọ́jọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọladé
Olùkọ́ èdè Yorùbá