Ètò Òwò Ilé Gàrí Wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó: Àtúntò fún Báńkì

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nínú ìwé olójú-ewé mọ́kànlá tí mo kọ́kọ́ mú wá, ìtàn bí ìyá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ló gba ojú ewé mẹ́rin, owó tí mo fẹ́ yá sì fara sin sí ìparí. Mo ti tún un tò bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. N kò yí iye owó kankan padà.

Ohun tí à ń béèrè

₦3,000,000, tí a ó san tán láàárín oṣù 24. Àwa fúnra wa ti tọ́jú ₦900,000 kún un. Owó náà yóò jẹ́ kí a máa ṣe tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ 8 lọ́sẹ̀ dípò 4.

Ọjà

Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tó gbẹ, tó wẹ́, là ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ fi omi tútù mu ún kì í gba òmíràn dípò rẹ̀. Alájàpá mẹ́rin ló ń ra tiwa: mẹ́ta ń kó o lọ sí Èkó, ọ̀kan ń kó o lọ sí Ìbàdàn. Àpò 16 tó jẹ́ kílò 50 là ń rí ṣe lọ́sẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ń béèrè 28. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí wà lẹ́yìn ètò yìí. Mẹ́ta máa ń sanwó lójú ẹsẹ̀. Ẹni Ìbàdàn máa ń gbà á láwìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì tíì jẹ wá lówó kọjá ìgbà náà rí. Àpò mẹ́rin tó bá kù, a ó máa fi kóńgò wọ̀n ọ́n tà níbí.

A kò tíì ní í di gàrí sínú ọ̀rá kéékèèké. Ìyẹn nílò nọ́ńbà NAFDAC, owó yìí kò sì tó o.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Ẹ̀gẹ́ kì í dúró deni. Tí ó bá ti ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ lẹ́yìn tí a wú u, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ìdí nìyí tí a fi ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ méje tí oko wọn kò jìnnà. Bí a bá ti hó o, tí a fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó dì í sínú àpò kó lè kan fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, kí a tó fún omi rẹ̀, kí a kù ú, kí a sì yan án.

Ibi tí a há sí ni fífún omi. Òkúta àti igi la fi ń tẹ àpò mọ́lẹ̀. Ìyá mi máa ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un pọ̀, á la ọwọ́: bí ó bá fọ́ wẹ́wẹ́, ó tó yan, bí ó bá lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́, kò tíì tó. Nígbà òjò, ó máa ń lẹ̀ ṣáá ni, àwọn tó ń yan án á wá máa dáná igi lórí omi lásán. Jáàkì méjì yóò parí ìyẹn láàárín wákàtí díẹ̀.

Ìṣúná

Ohun tí a ó fi ₦3,900,000 ṣe:
- jáàkì méjì: ₦700,000
- ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀: ₦850,000
- àtíbàbà ààrò mẹ́rin tó ní ihò èéfín: ₦950,000
- kòtò omi ẹ̀gẹ́: ₦250,000
- owó ríra ẹ̀gẹ́: ₦1,150,000

Lọ́sẹ̀ kan, àpò 32 ní ₦40,000 yóò mú ₦1,280,000 wọlé. Ẹ̀gẹ́ yóò gba ₦720,000 (₦90,000 fún tọ́ọ̀nù kan), owó àwọn tó ń hó o ₦120,000, owó yíyan ₦128,000, igi ₦40,000, dísẹ́ẹ̀lì ₦40,000, àpò àti ọkọ̀ ₦62,000. Èrè ₦170,000 ló kù. Lónìí, ₦66,000 ni.

Bí èlé bá jẹ́ 27 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún lórí gbèsè tó bá kù, sísan oṣooṣù yóò jẹ́ nǹkan bí ₦163,140. Èrè ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ₦680,000.

Ewu

Owó ẹ̀gẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí tọ́ọ̀nù kan bá di ₦105,000, èrè ọ̀sẹ̀ á di ₦50,000. ₦200,000 lóṣù ṣì lè san gbèsè. Bí àpò gàrí bá já sí ₦36,000, èrè oṣù á di ₦168,000, ìyẹn há gan-an. Bí méjèèjì bá pàdé, a ó máa pàdánù. Nígbà náà, a ó dín iṣẹ́ kù, a ó sì máa san gbèsè láti inú ₦490,000 tó wà nípamọ́ lọ́tọ̀, tó tó oṣù mẹ́ta.

Omi ẹ̀gẹ́ ní májèlé, kò sì gbọdọ̀ ṣàn dé odò àwọn aládùúgbò wa. N kò ní gbà kí a yọ kòtò náà kúrò nínú ètò yìí nítorí àtidín owó kù.

Ní ti ohun ìdúró, a kò ní ìwé ilẹ̀. Òfin ọdún 2017 lórí ohun ìní tó ṣeé gbé kiri gbà kí a fi ẹ̀rọ dúró, nítorí náà a fi ẹ̀rọ ìrinẹ̀gẹ́ tuntun, ti àtijọ́ àti jáàkì méjèèjì dúró. Ìwé ìtajà ọdún márùn-ún wà nílé, ẹ lè wá wò ó lọ́jọ́kọ́jọ́ tí a bá ń yan gàrí.