Ìwé Ìdábàá Iṣẹ́: Ìtọ́jú Ìmọ́tótó Ilé Gàrí àti Ìgbaradì fún Nọ́ńbà NAFDAC

Láti ọwọ́: Olùdámọ̀ràn lórí ìmọ́tótó oúnjẹ, Bódìjà, Ìbàdàn
Sí: Ìyá Alága àti Ìgbìmọ̀ Alákòóso, Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù àwọn Obìnrin Onígàrí, Igbó-Ọrà
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2026

Ẹ̀yin ìyá wa,

Mo dúpẹ́ pé ẹ gbà mí láàyè láti wo ilé gàrí yín ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kìíní. Ohun tí ẹ bi mí léèrè ni iye tí màá gbà kí gàrí yín lè ní nọ́ńbà NAFDAC, kí àwọn ilé ìtajà ńlá ní Ìbàdàn àti Èkó lè máa gbà á. Kí n tó dárúkọ owó, ó yẹ kí n sọ ohun tí mo rí, torí òun ló pinnu bí mo ṣe to iṣẹ́ yìí.

Ohun tí mo rí

Kì í ṣe ìwé ni ìṣòro yín. Lọ́jọ́ tí mo wá, mo fi ẹ̀rọ tí ń wọn omi wọn gàrí àwọn ìyá méjì tí wọ́n jọ yan án láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, láti ara gbágùúdá tí ọkọ̀ kan náà já sílẹ̀. Ti ẹnìkínní ní omi ìdá 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún, ti ẹnìkejì sì jẹ́ 14.2. Ìlànà Codex tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé kò gbà kí omi inú gàrí kọjá ìdá 12, kò sì gbà kí oró sáyánáìdì inú rẹ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílógíráàmù kan. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ inú àpò kan tí wọ́n ti rán ẹnu rẹ̀ láti àná, àárín rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n ti dì í kí ó tó tutù. Gàrí báyìí ni í bu lórí àtẹ, ẹni tó rà á kò sì ní bi ìyá tó yan án léèrè, orúkọ ẹgbẹ́ ni yóò bàjẹ́.

Mo tún ṣàkíyèsí pé àwọn kan ń fi òru ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ ẹ̀gẹ́ rírin lábẹ́ jáàkì, tí àwọn mìíràn ń jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ mẹ́ta. Adùn wọn kò lè bára mu, oró inú wọn pẹ̀lú kò lè lọ sílẹ̀ bákan náà. Ibi tí ẹ ti ń bó èèpo kò jìnnà sí ibi tí ẹ ń tẹ́ gàrí sí kí ó tutù, àwọn ewúrẹ́ sì ń gba àárín méjèèjì kọjá. Ìdí nìyí tí mo fi ya ọjọ́ 21 nínú ọjọ́ 26 tí màá ṣiṣẹ́ sọ́tọ̀ fún ilé gàrí fúnra rẹ̀, tí ìwé sì gba márùn-ún péré.

Ààlà iṣẹ́ àti ohun tí màá fà lé yín lọ́wọ́

Iṣẹ́ yìí kan ilé gàrí kan ṣoṣo tí ẹ ní ní Igbó-Ọrà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 32 tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àti gàrí funfun nìkan. Gàrí elépo àti láfún kò sí nínú rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, màá kọ àbọ̀ àyẹ̀wò tí yóò ní àwòrán ilẹ̀ ilé gàrí náà, tí yóò sì fi hàn ibi tí ó yẹ kí ògiri tàbí ilẹ̀kùn wà, kí gbágùúdá lè wọlé láti apá kan, kí gàrí sì jáde láti apá kejì láì pàdé. Lẹ́yìn náà, màá kọ ìwé ìlànà iṣẹ́ ní Yorùbá, láti orí bíbó àti fífọ̀ títí dé rírin, títẹ̀, kíkù, yíyan, títutù àti dídì. A ó gé e sí pátákó mẹ́fà alápèjúwe tí a ó gbé kọ́ ara ògiri, torí ẹni tí ń da gàrí nínú agbada kò ráyè ṣí ìwé.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni ìwé àkọsílẹ̀ bááṣì, ìyẹn gàrí tí a jọ ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lójúmọ́, akọ̀wé yín yóò kọ oko tí gbágùúdá ti wá, ọjọ́ tí wọ́n wú u, ìgbà tó wọ àpò jáàkì àti ìgbà tó jáde, ẹni tó yan án, àti iye omi tó kù nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dì í. Nọ́ńbà bááṣì tó bá wà nínú ìwé náà ni a ó tẹ̀ sára ọ̀rá. Bí ẹjọ́ bá dé láti Èkó, ẹ óò mọ àpò tí ẹ máa dá padà, ẹ kò sì ní kó gbogbo ọjà nílẹ̀.

Màá tún dá gbogbo àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́kọ̀ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, màá padà wá bá yín ṣiṣẹ́ nígbà mẹ́fà, màá kọ ọ̀rọ̀ ara ọ̀rá, màá sì to ìwé ìbéèrè yín jọ, kí n tó bá akọ̀wé yín fi í ránṣẹ́ lórí ìkànnì NAPAMS tí NAFDAC ń lò.

Àkókò

A ó bẹ̀rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, a ó sì parí ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Karùn-ún, kí Iléyá tó dé. Àyẹ̀wò yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àbọ̀ rẹ̀ yóò sì dé ọwọ́ yín ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta. Àkókò ààwẹ̀ la wà nígbà náà, n kò sì ní kó àwọn tí ń gbààwẹ̀ jọ sídìí iná fún ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ìwé ìlànà ni màá máa kọ ní Ìbàdàn, tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yóò sì wáyé lẹ́yìn Àjíǹde, ní ọjọ́ keje sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin. Láti ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹrin títí di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún ni àbẹ̀wò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn wà fún ìwé ìbéèrè.

Bí ògiri tí mo bá dámọ̀ràn kò bá tíì dúró ní òpin oṣù Kẹrin, ọjọ́ ìparí yóò sún síwájú.

Owó iṣẹ́

Náírà 65,000 ni mò ń gbà fún ọjọ́ kan. Ọjọ́ 26 jẹ́ náírà 1,690,000. Ìrìnàjò láti Ìbàdàn jẹ́ méjìlá, náírà 18,000 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò gbọdọ̀ kọjá 216,000. Ìrìn tí mo bá rìn nìkan ni ẹ máa san. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ náírà 1,906,000. Kò sí VAT lórí rẹ̀, nítorí pé owó tí ń wọlé fún mi lọ́dún kò tíì tó iye tí òfin sọ.

Nínú owó ọjọ́ 26 náà, láì ka ti ìrìnàjò, ẹ óò san 676,000 nígbà tí a bá fọwọ́ síwèé, 507,000 lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́, àti 507,000 tó kù nígbà tí mo bá fà ìwé ìbéèrè lé yín lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé owó ẹgbẹ́ ń wọlé lópin oṣù. Bí ó bá pé ọ̀sẹ̀ kan kí owó kan tó dé, kò burú. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ kún èyí, iye ojúmọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí kò sí nínú owó yìí

Owó tí NAFDAC ń gbà fún ìforúkọsílẹ̀, owó àyẹ̀wò gàrí ní ilé ìwádìí, owó ìforúkọsílẹ̀ àmì ọjà, àti àyẹ̀wò ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn, ẹ̀yin ni ẹ máa san wọ́n tààrà, kí rìsíìtì sì wà ní orúkọ ẹgbẹ́. Iṣẹ́ bíríkìlà, agbada tuntun, ẹ̀rọ ìrin, ọ̀rá àti títẹ̀ wọn kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wíwá oníbàárà tàbí owó yíyá.

N kò lè ṣèlérí pé NAFDAC yóò fún yín ní nọ́ńbà tàbí ọjọ́ tí wọn yóò fún yín. Ọwọ́ wọn nìyẹn wà. N kò sì ní san owó ẹ̀yìn fún ẹnikẹ́ni, bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ fi orúkọ mi bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé ni pé, bí ìwé ìbéèrè bá padà nítorí àṣìṣe tí èmi ṣe nínú rẹ̀, màá tún un ṣe láì gba kọ́bọ̀.

Gbogbo ìwé ìlànà, pátákó àti ìwé bááṣì di ti ẹgbẹ́ bí owó bá ti pé. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè fòpin sí iṣẹ́ nípa ìwé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ óò sì san owó ọjọ́ tí mo ti ṣe nìkan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú owó tí ẹ ti san, màá dá a padà.

Ìdábàá yìí dúró títí di Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì. Bí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, kí Ìyá Alága, akọ̀wé àti akápò fọwọ́ sí ẹ̀dà méjì, kí ẹ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá kà á sí etí gbogbo ẹgbẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí i, màá wá ní ọjọ́ ìpàdé yín, n kò sì ní gba owó ọjọ́ náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùdámọ̀ràn